Ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo la ti ń ra àdín: kí ni kí n kọ fún báǹkì?

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Iléṣà

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọṣẹ ọ̀pá ni mò ń ṣe níbí ní Iléṣà, èmi àti òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Mo fẹ́ yá owó ní báǹkì kékeré kan láti fi ra ìkòkò tí a fi ń se ọṣẹ tó tóbi ju èyí tí mò ń lò lọ. Wọ́n ní kí n kọ ètò iṣẹ́ mi wá. Mo kọ ọ́, wọ́n dá a padà. Ibì kan ṣoṣo ni kò tẹ́ wọn lọ́rùn, èyí tí wọ́n pè ní ewu àìrí ohun èlò rà. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé ìyá tó ń gbé àdín wá fún wa ṣeé fọkàn tán, ọdún 6 rèé tá a ti jọ ń ṣe é. Òṣìṣẹ́ báǹkì fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí, ó wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé: "Bí ìyá yìí ò bá rí gbé wá ńkọ́?"

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí lóòótọ́. Ní oṣù keje ọdún tó kọjá, irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún èkùrọ́ kán níbi tí ìyá yìí ti ń rà á. Ọjọ́ 9 la ò fi rí àdín. Kí iṣẹ́ má bàa dúró, mo gbé epo pupa kaná, bí mo ṣe máa ń wọn kọ́sítíìkì fún àdín ni mo ṣe wọ̀n ọ́n fún epo pupa náà. Ọṣẹ yẹn le, kò hó, ó sì ń ta àwọn èèyàn lọ́wọ́. Obìnrin kan tó ń tajà lọ́jà Atákúmọ̀sà kó páálí 5 padà wá bá mi, ó na àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ sí mi, ó ti pọ́n, awọ ibẹ̀ sì ti ń bó. Ojú tì mí gan-an. Kò tíì padà wá rajà lọ́wọ́ mi títí di òní.

Ṣé kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé, àbí kí n fi pamọ́ kí ẹ̀rù má bàa ba báǹkì? Kí ló sì yẹ kí ibẹ̀ sọ gan-an?

Ọmọ Òṣómàáló

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Igi kan kì í dágbó ṣe. Ẹ wá ẹlòmíì tó ń ta àdín, kẹ́ ẹ pín in sí méjì: ìdajì lọ́wọ́ ìyá yẹn, ìdajì lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ẹ kọ ọ́ báyẹn fún báǹkì, ó parí.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Iléṣà

Ẹ ṣé, àbúrò mi. Ọkùnrin kan wà ní Sábó, ní Ilé-Ifẹ̀, tó lóun lè máa fún mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ìyá yìí máa ń fún mi ní ọ̀sẹ̀ 2 kí n tó sanwó. Bí mo bá pín in sí méjì, ṣé yóò ṣì máa gbà fún mi?

Oníbúrẹ́dì Lágere

Ẹ má dá ara yín láàmú, gbogbo wa la wà nínú ẹ̀. Nígbà tí fúláwà gbówó lórí, ńṣe ni mo dín ìwọ̀n búrẹ́dì kù, mi ò fọwọ́ kan iye tí mò ń tà á. Ẹ̀yin náà ẹ gé ọ̀pá ọṣẹ yín kúrú díẹ̀. Ẹ kọ ọ́ fún báǹkì pé bí àdín bá wọ́n, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe.

Ẹ̀gbọ́n Alárajà

Oníbúrẹ́dì, ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan wọ́n, ọ̀tọ̀ ni kó má sí rárá. Báǹkì ò bi màmá léèrè owó níbí yìí. Bí kẹ́ẹ̀gì bá ṣófo, kò sí ọ̀pá tí wọ́n máa gé kúrú.

Màmá, ọdún 14 ni mo fi ra ohun èlò fún ilé iṣẹ́ kan kí n tó dúró láyè ara mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, níbo ni ọkùnrin Sábó yẹn ti ń rí àdín tiẹ̀? Èkejì, kẹ́ẹ̀gì mélòó lẹ ń lò lójúmọ́, mélòó ló sì máa ń wà nílẹ̀? Ẹ̀kẹta, bẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rà lọ́wọ́ ẹni tuntun lónìí, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà yín kí àdín ẹ̀ tó wọ ìkòkò yín pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀?

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Iléṣà

Ẹ̀gbọ́n, mo pe ọkùnrin náà láàárọ̀ yìí. Ilé ẹ̀rọ tí ìyá mi ti ń rà á gan-an lòun náà ti ń rà á! Ẹnu yà mí.

Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 là ń lò, 2 lójúmọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyá máa ń gbé 12 wá. Mo lọ ka ti ilẹ̀ lẹ́yìn tó já ẹrù tán, ó jẹ́ 16. Ní ti ẹni tuntun, ọjọ́ 3 ni màá fi wá a kiri tí màá fi gba díẹ̀ wò, ọjọ́ 1 láti sè é, ọjọ́ 7 kí ọṣẹ náà gbẹ ká rí bó ṣe rí, ọjọ́ 2 kí ọkọ̀ tó gbé e dé.

Ẹ̀gbọ́n Alárajà

Ẹ ṣé, ibi tí mò ń lọ gan-an nìyẹn. Ẹni méjì tó ń pọn omi nínú kànga kan náà, ẹnì kan ni wọ́n. Ká ní ẹ ti pín in láàárín àwọn méjèèjì lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ tí irin yẹn kán, àwọn méjèèjì ni ìbá gbọ́wọ́ òfo wá bá yín. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò wa pé ó ti parí.

Kẹ́ẹ̀gì 16 tẹ́ ẹ kà yẹn ò tọ́ láti kọ fún báǹkì. Ọjọ́ tí ilé kún lẹ kà á. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ̀ tí kò dé la máa ń kà, ìyẹn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, nígbà tí 12 ti lọ. 4 ló kù nílẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ 2 péré ni. Ẹ wá ro ọjọ́ tẹ́ ẹ kà fún ẹni tuntun pọ̀: 3, 1, 7 àti 2, ó di 13. Ẹ yọ 2 nínú 13, ọjọ́ 11 ni ìkòkò yín yóò fi tutù. Èèló ló máa ń kù lójúmọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yọ owó ohun èlò?

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Iléṣà

Bíi 35,000 náírà, ibẹ̀ ni mo sì ti ń yọ owó òṣìṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Alárajà

Ó jẹ́ pé 385,000 náírà ni ìdúró ẹ̀ẹ̀kan péré máa gbà lọ́wọ́ yín, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin ò sì ní sọ pé kẹ́ ẹ má sanwó. Iye yẹn ni òṣìṣẹ́ báǹkì ń wá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ó lè san gbèsè ẹ̀ lóṣù tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ fi àdín dí ọjọ́ 11 yẹn, kẹ́ẹ̀gì 22 lẹ máa rà lé e kó kàn máa jókòó sílẹ̀. Owó ńlá nìyẹn, ẹ ò sì ní ibi tẹ́ ẹ máa kó o sí. Ẹ wò ó dáadáa: nínú ọjọ́ 13 yẹn, 11 jẹ́ ti wíwá èèyàn kiri àti dídán ọjà wò. Ìyẹn ò ní láti dúró de ọjọ́ tí wàhálà bá dé. Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ wá ẹni tí ilé ẹ̀rọ tiẹ̀ yàtọ̀, bí àpẹẹrẹ lápá ọ̀nà Oǹdó, ẹ gba kẹ́ẹ̀gì 1, ẹ sè é, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bó bá dára, ohun tó kù lọ́jọ́ ìṣòro ò ju ká pè é lórí fóònù kó sì gbé e wá, ẹ jẹ́ ká pè é ní ọjọ́ 3. Ẹ wá gbé èyí tó máa ń kù nílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé láti 4 sí 8. Bí ọkọ̀ ìyá ò bá dé títí ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ pe ẹnì kejì lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni tiẹ̀ máa dé, kẹ́ẹ̀gì 2 á ṣì wà nílẹ̀.

Kò pọn dandan kẹ́ ẹ pín ìdajì fún un. Àmọ́ ẹ máa ra díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ lóṣooṣù. Bí ọjà bá wọ́n, ẹni tí wọ́n ti mọ ojú ẹ̀ ni wọ́n máa ń tà fún.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu sí ti ọṣẹ tó ta èèyàn lọ́wọ́ yẹn, torí ó yẹ kó wọ inú ìwé náà. Epo kọ̀ọ̀kan ló ní iye kọ́sítíìkì tó lè gbà. Lítà 50 àdín tẹ́ ẹ ń sè lójúmọ́ wọ̀n tó bíi kílò 46, ó sì ń gba bíi kílò 8.1 kọ́sítíìkì. Kílò 46 epo pupa ò gbà ju bíi kílò 6.5 lọ. Nǹkan bíi kílò 1.6 ló ṣẹ́ kù láìrí epo bá pò. Òun ló wà nínú ọṣẹ yẹn, òun ló bó awọ obìnrin yẹn.

Ẹ má sì rò pé bẹ́ ẹ bá ti dín kọ́sítíìkì kù, epo pupa á di àdín. Àdín ló ń mú ọṣẹ hó. Epo pupa á mú un le, àwọ̀ ẹ̀ á sì pọ́n. Bó bá di dandan, ẹ fi epo pupa rọ́pò nǹkan bí 3 nínú 10, kẹ́ ẹ tún kọ́sítíìkì wọ̀n fún àpòpọ̀ náà, kẹ́ ẹ sì sè é díẹ̀ wò ká tó dé ọjọ́ ìṣòro. Àdín àgbọn ló sún mọ́ tiyín jù, owó ẹ̀ ni ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lè fara dà á.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń wo kẹ́ẹ̀gì ẹni tuntun, ẹ bu ṣíbí kan sínú ìkòkò gbígbẹ, kẹ́ ẹ gbé e kaná. Bó bá ń ta pàrà-pàrà, omi wà nínú ẹ̀. Ẹ tún jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì náà sun ilẹ̀ mọ́jú, kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀. Àdín tó lómi nínú kì í pẹ́ kan, bẹ́ ẹ bá sì tọ́jú 8 pamọ́ tó jẹ́ irú ẹ̀, ẹ kàn tọ́jú wàhálà ni.

Alákòóso Òwò, Òkè-Ẹ̀ṣọ̀

Ohun tẹ́ ẹ sọ dára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba àdéhùn. Kí màmá jẹ́ kí ìyá yẹn tọwọ́ bọ̀wé pé bí òun ò bá gbé ọjà wá lọ́jọ́ tó yẹ, òun máa san owó ìtanràn. Báǹkì fẹ́ràn ìwé.

Ẹ̀gbọ́n Alárajà

Mi ò lòdì sí ìwé, àmọ́ ìwé ò lè tún irin tó kán ṣe. Ìyá tó ń tajà láwìn fún wọn láti ọdún 6, bẹ́ ẹ bá gbé owó ìtanràn síwájú ẹ̀, àwìn yẹn ló máa kọ́kọ́ lọ. Bó bá jẹ́ èmi, ohun tí mo máa bẹ̀ ẹ́ kò ju kó pè mí lọ́jọ́ tó bá ti gbọ́ pé ẹ̀rọ dúró, kó má dúró di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Alákòóso Òwò, Òkè-Ẹ̀ṣọ̀

Ẹ̀gbọ́n, èmi ò gbà. Mo ti rí ìwé ètò iṣẹ́ tí wọ́n dá padà torí pé kò sí àdéhùn kankan nínú ẹ̀.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Iléṣà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà nítorí mi. Màá lọ bá ìyá jókòó lọ́jọ́ Àìkú, màá sọ fún un fúnra mi pé mo fẹ́ máa ra kẹ́ẹ̀gì 4 lóṣù níbòmíì, kó má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ àdéhùn, mi ò tíì mọ̀.

Ohun tí mo kọ nìyí, ẹ bá mi wò ó:

"Ọ̀dọ̀ ẹnì kan la ti ń ra àdín. Ní oṣù keje ọdún tó kọjá, ẹ̀rọ bà jẹ́, a ò sì rí àdín fún ọjọ́ 9. A fi epo pupa dípò láìtún kọ́sítíìkì wọ̀n, a pàdánù oníbàárà. Bó ṣe wà báyìí, bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ lè dúró fún ọjọ́ 11, owó tí yóò sì bọ́ lọ́wọ́ wa yóò tó 385,000 náírà. A ti ń wá ẹnì kejì tí ilé ẹ̀rọ tó ti ń rà á yàtọ̀, a ó sè é wò kí oṣù yìí tó parí. Kẹ́ẹ̀gì tó ń kù nílẹ̀ kí ẹrù tuntun tó dé yóò kúrò ní 4, yóò di 8. Bí ẹrù ò bá dé di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ó pe ẹnì kejì."

Ẹ̀gbọ́n Alárajà

Ó dáa, màmá. Ẹ fi kún un pé ìkòkò tuntun tó tóbi yẹn yóò máa jẹ ju kẹ́ẹ̀gì 2 lọ lójúmọ́, nítorí náà 8 yẹn ò ní tó mọ́. Bó bá di 3 lójúmọ́, ẹ sọ ọ́ di 12. Òṣìṣẹ́ báǹkì yẹn á bi yín.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì, Ilé-Ifẹ̀

Kọ́sítíìkì ńkọ́, màmá? Ṣọ́ọ̀bù mélòó lẹ ti ń rà á?

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Iléṣà

Ẹyọ kan, sà. Mo ń lọ béèrè ibi tí wọ́n ti ń gbé tiwọn wá.