Ṣé «ṣóńṣó» tó fún iye tí ó ga jù lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń túmọ̀ ìwé ìṣirò. Ṣé a lè pe iye tí ó ga jù lọ lórí àlàfo títì ní «ṣóńṣó», kí èyí tí ó kéré jù lọ sì jẹ́ «kòtò»?

Olùkọ́ ìṣirò kan: Yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí pé ṣóńṣó ni ibi tí a gùn dé kí a tó máa sọ̀kalẹ̀. Ẹ wo f(x) = x³ − 3x láti −2 dé 3. Gẹ̀rẹ́ ìlà rẹ̀, f′(x) = 3x² − 3, di òdo níbi x = −1 àti x = 1. Ṣóńṣó wà ní −1 lóòótọ́, iye ibẹ̀ sì jẹ́ 2. Ṣùgbọ́n ẹ fi 3 sí i, 18 ni yóò fún yín. Ìlà náà ṣì ń gòkè lọ nígbà tí ààlà dá a dúró, kò sí ṣóńṣó kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ibẹ̀ ni iye tí ó ga jù lọ wà. «Iye gíga pátápátá» àti «iye kíkéré pátápátá» ni èmi máa ń kọ; mo fi ṣóńṣó àti kòtò sílẹ̀ fún èyí tí ó borí àdúgbò tirẹ̀ nìkan.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan: Mo gbà, sà, pé kí a yẹ ìpẹ̀kun wò fún èyí tí ó ga. Ṣùgbọ́n f″(x) = 6x, ó sì jẹ́ 6 níbi x = 1. Kòtò ni, nítorí náà −2 ni iye kíkéré pátápátá, ibẹ̀ nìkan ni ó sì wà.

Olùkọ́ náà: Iye yẹn tọ̀nà, ọ̀nà tí o gbà dé ibẹ̀ ni kò tọ́. Fi −2 sí i: −8 + 6 = −2, ibi méjì ni iye náà ti jẹyọ. Ká ní láti −3 ni a ti bẹ̀rẹ̀ ni, −18 ni à bá rí ní ìpẹ̀kun, kòtò rẹ ìbá sì ti pàdánù ipò. Àdúgbò nìkan ni f″ mọ̀. Ṣe ni kí o fi iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wéra: −2, 2, −2, 18. Bí ìlà bá sì ní igun, bíi |x| ní òdo, tí gẹ̀rẹ́ kò ṣeé wọ̀n níbẹ̀, fi ibẹ̀ kún un.

Òǹkàwé kan: Èmi ṣe é fún 1/x láti −1 dé 1. Gẹ̀rẹ́ kò di òdo níbì kankan, ìpẹ̀kun fún mi ní −1 àti 1, ṣùgbọ́n níbi 0.1 mo rí 10!

Atúmọ̀-èdè kan: Ìlà yẹn já ní òdo, ẹ̀gbọ́n. Èyí tí kò já ni à ń sọ. «Títì» gan-an ló ń kọ mí lóminú, torí ìlẹ̀kùn tí a tì kì í jẹ́ kí a wọlé, bẹ́ẹ̀ ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ìpẹ̀kun wà nínú rẹ̀. Bí a bá yọ 1 kúrò nínú àlàfo 0 dé 1, f(x) = x yóò máa lọ sí 0.9, 0.99, 0.999, kò ní ní iye gíga pátápátá rárá. «Àlàfo amúpẹ̀kunmọ́ra» ni mo dábàá.

Olùbéèrè: Mo ti mú «iye gíga pátápátá», ẹ ṣé gan-an. Ti «amúpẹ̀kunmọ́ra» yìí gùn jù fún àkọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú un wá.