Ìyá ọkọ mi ní Ìdòwú ni wọ́n máa pe ọmọ tí mo bí lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ gbà mí

Ìyá Ìkókó, Muṣin
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé góńgó ọrùn mi, ẹ má bínú tó bá gùn. Mo bímọ obìnrin lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá. Ilé ìwòsàn tí mo forúkọ sí ní Súrùlérè là ń lọ, dánfó tó gbé wa kú lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba, ibẹ̀ náà ni omi ti dà. Ìyá kan tó ń ta mọ́ínmọ́ín ló fi ìró ìdí rẹ̀ gba ọmọ. Ọlọ́run á bá mi san án fún un.

Láti ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi ti dé, n kò sinmi. Wọ́n ní omi tí mo fi ń wẹ ọmọ kò gbóná tó. Wọ́n ní ẹ̀kọ tí mò ń mu kò nípọn. Gbogbo ìyẹn mo gbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé ọmọ mi báyìí, "Ìdòwú" ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé olórí kunkun ni wọ́n ń pe Ìdòwú. Kí ni ìkókó ọjọ́ mẹ́rin ṣe fún wọn? Ọkọ mi á kàn máa wo ilẹ̀.

Èmi fẹ́ Bọ́sẹ̀dé nítorí ọjọ́ tí mo bí i. Ìyá mi ní Abíọ́nà ló yẹ ẹ́. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tún ní Bọ́sẹ̀dé, orúkọ òrìṣà ni. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an? Kí sì ni kí n ṣe sí ọ̀rọ̀ Ìdòwú yìí?

Adé Agége
Ẹ kú ewu ọmọ. Bọ́sẹ̀dé ni ọmọ tí wọ́n bí ní Sọ́ńdè, kò sí òrìṣà ńbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ló ní orúkọ tiẹ̀. Ajéwọlé ni ti ọjọ́ Ajé, Ṣẹ́gun ni ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Jímọ̀ ni ti ọjọ́ Ẹtì. Ẹ sọ ọ́ ní Bọ́sẹ̀dé, kí ẹ sì gbádùn ara yín.

Ìyá Alásọ, Balógun
Ìwọ sàn, ọkọ tìẹ wà nílé tó ń wo ilẹ̀. Kùtọ̀nú ni tèmi wà nígbà tí mo bí àkọ́bí mi. Bàbá mi ló sọ ọmọ náà ní Abídèmí, kó tó di pé bàbá rẹ̀ padà dé. Ọmọ náà ti ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ báyìí o. Ẹ máa dúpẹ́.

Bàbá Akọ̀wé, Ẹ̀bútè-Mẹ́ta
Ọmọ mi, o kú ewu. Jẹ́ kí n fi sùúrù tú orúkọ náà, nítorí iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe ní kíláàsì nìyẹn.

Bọ́sẹ̀dé, "bá ọ̀sẹ̀ dé" ni. Ọmọ náà bá ọ̀sẹ̀ rìn, àwọn méjèèjì jọ wọlé ni. Nígbà tí "bá" kan "ọ̀sẹ̀", á inú "bá" ré kúrò, ṣùgbọ́n ohùn òkè rẹ̀ kò bá a lọ. Ó gun orí ọ tó tẹ̀ lé e. Pe "ọ̀sẹ̀" nìkan, wàá gbọ́ pé ohùn rẹ lọ sílẹ̀. Wá pe "Bọ́sẹ̀dé", wàá rí i pé ó ti gòkè níbi kan náà. Ohùn tó gòkè yẹn ni fi hàn pé "bá" wà níbẹ̀. Bọ́dúndé náà bẹ́ẹ̀, ọmọ tó bá ọdún dé. Bí a bá fi A síwájú, tó di Abọ́sẹ̀dé, ẹni tó bá ọ̀sẹ̀ dé la ń pè é.

Abíọ́nà tí ìyá rẹ dárúkọ gba ọ̀nà mìíràn. "Bí" ló wà nínú tiẹ̀: a bí i sí ọ̀nà. "Sí" ti pòórá, ohùn òkè tó wà lórí ọ́ ló kù tí a fi mọ̀ pé ó ti wà níbẹ̀ rí. Abíọ́dún rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, Bọ́sẹ̀dé ń sọ ohun tí ọmọ bá dé, Abíọ́nà ń sọ ibi tí wọ́n bí i sí. Méjèèjì ló bá ọmọ rẹ mu.

Adé, o gba ọ̀kan, o pàdánù méjì. Jímọ̀ jẹ́ ti ọjọ́ Ẹtì lóòótọ́, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ló ti wá. Ṣùgbọ́n ajé tó wà nínú Ajéwọlé, ọrọ̀ tó wọlé ni, bí ọmọ náà tilẹ̀ dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ṣẹ́gun sì ni Olúṣẹ́gun tí a gé kúrú. Olúwa ló ṣẹ́gun, kì í ṣe ọjọ́ ìbí.

Adé Agége
Bàbá, mo mọ Ajéwọlé kan tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé o.

Bàbá Akọ̀wé, Ẹ̀bútè-Mẹ́ta
Ó lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá àbúrò rẹ̀ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Rírú ní orúkọ ọjọ́ tirẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ òrìṣà, ẹni tó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kò parọ́ tán. Kí ọjọ́ méje tó dé, ọjọ́ mẹ́rin ni Yorùbá ń kà: ọjọ́ Ọbàtálá, ti Ifá, ti Ògún, àti ti Ṣàngó tí wọ́n ń pè ní Jàkúta. Wọ́n á ní ọjọ́ kárùn-ún nítorí pé wọ́n ń ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ tí oníkálukú bá ń bọ òrìṣà tirẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ dé, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ kan náà fún ọjọ́ ìsìn tiwọn, ìyẹn la fi ń pe ọjọ́ Àìkú ní ọjọ́ Ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ilé tí wọ́n bá ti bí ọmọ náà ló ń bá dé. Tí ilé rẹ bá jẹ́ ilé ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀sẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Ìyá Ìkókó, Muṣin
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka ti Bọ́sẹ̀dé fún ìyá mi lórí fóònù. Ìyá ọkọ mi ni kò fẹ́ gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Yába
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn ohun kan. A kì í ṣàdédé pe ọmọ ní Ìdòwú. Ọmọ tó tẹ̀ lé ìbejì ni. Ṣé ẹ ti bímọ rí?

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Èkó
Ohun tí èmi náà fẹ́ béèrè nìyẹn. Ìdòwú, "ì-dì-owú" ni, ẹni tó di owú sínú. Ìdí tí wọ́n fi ń lágídí nìyẹn.

Bàbá Akọ̀wé, Ẹ̀bútè-Mẹ́ta
Rárá, má tú u bẹ́ẹ̀. Bọ́sẹ̀dé ṣeé tú nítorí pé gbólóhùn ni. Táíwò náà gbólóhùn ni, tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé sì ni ẹni tó kẹ́hìn dé. Ṣùgbọ́n Ìdòwú, Òjó, Àìná, Dàda, Ìgè, ipò tí ọmọ bá wá ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ìgè fi ẹsẹ̀ wá, Òjó àti Àìná gbé ìwọ́ kọ́ ọrùn. Ẹni tó bá ń gé wọn wẹ́wẹ́, àròsọ ló ń ṣe.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Èkó
Bàbá àgbà mi ló sọ fún mi, n kò sì ní gba òmíràn.

Ìyá Ìkókó, Muṣin
Ẹ jẹ́ ká fi Ìdòwú sílẹ̀. Ṣé ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí gba Bọ́sẹ̀dé tàbí Abọ́sẹ̀dé? Ọ̀la ni mo fẹ́ lọ ṣe é.

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú
A ò ní fi sílẹ̀. Wọ́n bi ọ́ ní ìbéèrè, o yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Èmi bí ìbejì, mo bí Ìdòwú, mo bí Àlàbá, kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ. Ìyá mi máa ń sọ pé tí Ìdòwú kò bá wá, orí ìyá ìbejì á dàrú.

Nọ́ọ̀sì Yába
Màmá, ẹ má dẹ́rù bà á. Mo ti tọ́jú àìmọye ìyá ìbejì tí kò tún bímọ mọ́, orí wọn pé.

Ìyá Ìkókó, Muṣin
Ó dáa. Mo ti bí ìbejì rí. Kí n tó mọ ọkọ mi ni, bàbá wọn kò sí láyé mi mọ́. Ìbàdàn ni wọ́n wà lọ́dọ̀ ìyá mi, wọ́n ti ń lọ ilé ìwé. Ọkọ mi mọ̀, òun nìkan ló mọ̀. A jọ pinnu pé àwọn ẹbí rẹ̀ kò ní gbọ́ títí a ó fi rójú, ìpinnu náà sì dára. Ọmọ bàbá mìíràn ni wọ́n, wọn kò sí nínú kíkà ilé yìí. Àkọ́bí ọkọ mi lèyí. Báwo ló ṣe máa wá jẹ́ Ìdòwú?

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Èkó
Ó tọ̀nà. Bàbá ló ni orúkọ.

Bàbá Akọ̀wé, Ẹ̀bútè-Mẹ́ta
Bàbá lè ní orúkọ tí a fún ọmọ. Èyí tí ọmọ mú tọ̀run wá, inú ìyá ló ti ń mú un bọ̀. Inú tí Táíwò àti Kẹ́hìndé gbà kọjá ni Ìdòwú gbà tẹ̀ lé wọn. Bí bàbá yí padà, ọ̀nà kò yí padà. Ìdí nìyẹn tí Ìdòwú fi lè jẹ́ ọkùnrin, kó jẹ́ obìnrin. Ipò tó wà lẹ́yìn ìbejì ló ń jẹ́ orúkọ náà.

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú
Ìyàwó, gbọ́ mi. Ìyá ọkọ rẹ ti mọ̀. Wọn ò lè ṣàdédé pe orúkọ yẹn. Ìdòwú tí wọ́n ń pè, Táíwò àti Kẹ́hìndé rẹ ni wọ́n ń kà mọ́ ilé wọn. Ìyá tó fẹ́ bú ọ ì bá dákẹ́ lórí wọn.

Ìyá Ìkókó, Muṣin
Ohun tí mò ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbọ́ Ìdòwú ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ìbéèrè tó kàn ni pé àwọn ìbejì dà. Kí ni kí n sọ fún gbogbo àdúgbò?

Nọ́ọ̀sì Yába
Ẹ bi ọkọ yín tóun bá ti sọ fún ìyá rẹ̀ kí ẹ tó bi wá.

Ìyá Alásọ, Balógun
Wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ, oríṣiríṣi ẹbí á mú tiwọn wá, owó á sì bọ́ sínú àwo. Kò sí ẹni tó ní kí ó jẹ́ ẹyọ kan. Ọmọ mi ní mẹ́sàn-án.

Ìyá Ìkókó, Muṣin
Mo ti bi í. Ó ní òun ti sọ fún wọn láti ìgbà tí oyún wà ní oṣù mẹ́fà. Òun ni kò sọ fún mi. Ọ̀rọ̀ èmi àti òun kò tíì parí lórí ìyẹn, n kò ní kọ ọ́ síbí. Ìyá ọkọ mi ní kí n pe ìyá mi kí ó kó àwọn ọmọ wá. N kò tíì dáhùn. Bàbá Akọ̀wé, tí mo bá gbà, èwo ló ń ṣíwájú? Ọjọ́ wo sì ni kí wọ́n sọ ọ́?

Bàbá Akọ̀wé, Ẹ̀bútè-Mẹ́ta
Ìdòwú á ṣíwájú lẹ́nu, nítorí ó ti wà kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Lẹ́yìn náà ni Abọ́sẹ̀dé, lẹ́yìn náà ni Abíọ́nà tí ìyá rẹ mú wá. Lórí ìwé, ohun tí ìwọ àti ọkọ rẹ bá fẹnu kò sí ni kí ẹ kọ ṣíwájú, kò ba nǹkan kan jẹ́. Máa fi àmì sí i tí wọ́n bá gbà. Tí wọn kò bá gbà, "Abosede" ni kí o kọ, kí o ṣọ́ wọn kí wọ́n má sọ ọ́ di "Abiosede".

Ní ti ọjọ́, ka ọjọ́ tí o bí i mọ́ ọn. Ọjọ́ kẹjọ ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ìsinmi, ọjọ́ Ìsinmi náà ni.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Èkó
Èmi ṣì ní bàbá ló ni orúkọ.

Ìyá Ìkókó, Muṣin
Mo ti pe ìyá mi. Wọ́n ní àwọn á gbéra láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìwé ọjọ́ ìbí kò tíì ṣe é ṣe, ọkọ mi ní ká dúró títí àwọn ọmọ á fi dé.