Ìkòkò wo ló yẹ ọbẹ̀ tòmátò tó ń pẹ́ lórí iná?

Àdùkẹ́: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ni mo bá wá. Ìkòkò alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni mo fi ń se gbogbo nǹkan. Mo máa ń kọ́kọ́ din ẹran nínú rẹ̀ títí á fi pọ́n, màá da tòmátò lílọ̀ lé e, màá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, màá sì fi í sílẹ̀ kó máa hó jẹ́jẹ́ fún wákàtí kan ààbọ̀. Inú ìkòkò náà ti dúdú nítorí omi tí mo máa ń sè nínú rẹ̀, àmọ́ tí mo bá se ọbẹ̀ yìí tán, gbogbo ibi tí ọbẹ̀ dé á máa dán bí tuntun. Ọbẹ̀ á sì máa ta bí ìgbà tí èèyàn fi ahọ́n kan irin. Ẹran tún máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Owó ìkòkò méjì péré ló wà lọ́wọ́ mi. Nínú alumíníọ̀mù, irin tí kì í dípẹtà, irin dúdú wíwúwo àti amọ̀, èwo ni kí n mú? Gáàsì ni mo ń lò.

Ìyá Tóbi: Ọmọ mi, dúdú ìdí ìkòkò kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Bu eérú sórí kànhìnkànhìn tó tutù, fi ha á dáadáa. Á funfun kíá.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣé gan-an mà. Inú ìkòkò ni mo ń sọ o, kì í ṣe ẹ̀yìn. Dúdú náà kò dà mí láàmú, bó ṣe ń lọ fúnra rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù.

Alágbẹ̀dẹ: Ẹ̀rù yẹn tọ̀nà, Àdùkẹ́. Iṣẹ́ irin ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Omi tí ò ń sè ló ń fi awọ dúdú tín-ín-rín lé alumíníọ̀mù. Nǹkan kíkan ló ń bó o kúrò, inú ọbẹ̀ ló sì ń bó o sí, pẹ̀lú díẹ̀ lára irin náà. Adùn irin tí o ń tọ́ wò nìyẹn. Tòmátò máa ń kan, ọsàn wẹ́wẹ́ tún kan jù ú lọ, wákàtí kan ààbọ̀ sì gùn. Ká ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, bóyá o kò ní mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Èyí tó burú jù ni kí ọbẹ̀ sun inú rẹ̀ mọ́jú: wo ìdí ìkòkò lójú oòrùn, tí o bá rí àwọn ihò kéékèèké bí ojú abẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni ó ti ń jẹ irin.

Ìyá Tóbi, ẹ má bínú mà, ẹ má fi eérú tàbí sódà fọ alumíníọ̀mù. Bí nǹkan kíkan ṣe ń jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni eérú ń jẹ ẹ́.

Ìyá Tóbi: Háà! Mi ò gbọ́ ọ rí. Ó dáa, mo ti gbọ́.

Kúnlé: Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ̀ ń yí i ká? Agbada irin dúdú ni kó rà, kó fi ṣe gbogbo rẹ̀. Òun ni mo fi ń dín, òun ni mo fi ń se ọbẹ̀. Irin tó ń wọ inú oúnjẹ sì ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Alágbẹ̀dẹ: Apá kan ọ̀rọ̀ rẹ jóòótọ́, Kúnlé. Fún dídín, kò sí èyí tó tó o. Ó wúwo, ó sì ń di ooru mú, tí o bá sọ ẹja tútù sínú òróró, ooru kì í wálẹ̀ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ara ẹja fi máa ń gbẹ tí kì í fi í mu òróró jù. Irin náà ń wọ oúnjẹ lóòótọ́, àgàgà tí oúnjẹ bá kan tó sì pẹ́ lórí iná. Ṣùgbọ́n ohun tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀ mọ́ ọn ni òróró tó ti jó gbẹ mọ́ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tòmátò wákàtí kan ààbọ̀ á bó ìyẹn kúrò. Ọbẹ̀ á dúdú, ọjọ́ kejì agbada á dípẹtà, oúnjẹ á sì máa lẹ̀. Tí òróró náà bá ti dúró dáadáa, ọbẹ̀ kíkan bí ìdajì wákàtí kò ní pa á lára. Mi ò ní kọjá ibẹ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ yẹn, àwọn kan wà tí irin ti pọ̀ jù nínú ara wọn, kì í ṣe oògùn gbogbo ènìyàn.

Kúnlé: Tèmi kò tíì bó o, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ òróró pọ̀ nínú ọbẹ̀ mi, bóyá òun ló ń gbà á sílẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ: Ó ṣeé ṣe kí ó ràn án lọ́wọ́. Àdùkẹ́, ìkòkò irin tí kì í dípẹtà ni kó jẹ́ àkọ́kọ́ fún ọ. Nǹkan kíkan kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe. Ibi tó kù sí ni pé kì í gbé iná káàkiri: alumíníọ̀mù ń gbé ooru bí ìlọ́po 15 jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí èyí tó fẹ́lẹ́ fi ń jóná lójú kan ṣoṣo. Yí i padà kí o tó rà á. Tí o bá rí àwo nínípọn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, alumíníọ̀mù ló sábà máa ń wà láàárín àwo yẹn, òun ni yóò tan iná ká.

Báyìí ni kí o ṣe fún ẹran. Gbé ìkòkò òfìfo kaná, iná àárín. Ta ẹ̀kán omi kan sí i. Tó bá gbẹ pẹ̀lú ariwo, kò tíì tó. Tí ẹ̀kán náà bá kóra jọ tó ń yí kiri lójú ìkòkò, da òróró sí i, kí o tẹ́ ẹran tí o ti nu gbẹ sí i. Á kọ́kọ́ lẹ̀. Má ṣe fi ipá fà á! Tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n, á jáwọ́ fúnra rẹ̀. Kó ẹran kúrò, da tòmátò sí i, ro ó dé ìdí: gbogbo èyí tó pọ́n mọ́ ìsàlẹ̀ á yòrò sínú ọbẹ̀. Má sì da iyọ̀ sínú omi tútù nínú irú ìkòkò yìí, jẹ́ kó hó ná. Iyọ̀ tó bá jókòó sí ìdí rẹ̀ lè dá a lámì.

Amọ̀kòkò: Ẹ ti gbàgbé amọ̀ pátápátá! Tó bá di kí ọbẹ̀ máa hó jẹ́jẹ́, amọ̀ ni ọ̀gá. Ó ń pẹ́ kó tó gbóná, ó sì ń pẹ́ kó tó tutù, tí o bá pa iná, ó ṣì ń hó. Kò fẹ́ ìkánjú sá. Rẹ tuntun sínú omi mọ́jú, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iná kékeré jù lọ, má da omi tútù sí i nígbà tó bá gbóná. Má fi dín nǹkan. Ọbẹ̀ kíkan inú amọ̀ tún máa ń rọ̀ lẹ́nu, amọ̀ ń mú kíkan rẹ̀ dín kù.

Alágbẹ̀dẹ: Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà, àfi ti kíkan yẹn. Mo rò pé pípẹ́ lórí iná kékeré ló ń mú un rọ̀, ìkòkò kankan lè ṣe é.

Amọ̀kòkò: A ò ní gbà fúnra wa lórí ìyẹn. Ẹnu mi sọ nǹkan mìíràn fún mi.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣeun gidigidi. Irin tí kì í dípẹtà tó nípọn nídìí fún ọbẹ̀, agbada irin fún dídín, alumíníọ̀mù mi á máa se omi. Ṣùgbọ́n ìkòkò amọ̀ kan wà nílé tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ fún wa, inú rẹ̀ ń dán, àwọ̀ rẹ̀ pupa yòò. Ṣé mo lè fi se ọbẹ̀ yìí?

Amọ̀kòkò: Rárá, má ṣe bẹ́ẹ̀. Dídán inú ìkòkò àtijọ́ lè ní òjé nínú, májèlé ni, nǹkan kíkan ló sì ń fà á jáde jù. Ojú kò lè dá a mọ̀. Àyàfi tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ níbi tí wọ́n ti ń yẹ irú rẹ̀ wò, gbin òdòdó sí i.