Fọ́tò ìbéèrè físíìsì tí cm, mm àti kg dà pọ̀ nínú rẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi ń múra Jáḿbù, ó sì ya fọ́tò ìbéèrè kan nínú ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Waya sítíìlì kan gùn ní 250 cm, dáyámítà rẹ̀ jẹ́ 0.80 mm. Wọ́n so ẹrù 6.0 kg rọ̀ mọ́ ọn, ó sì fi 1.5 m gùn sí i. Orí ibi tí wọ́n ti ká ìwé ni m yẹn bọ́ sí, mi ò mọ̀ bóyá lẹ́tà mìíràn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. g jẹ́ 10 m/s². Kó wá E, ìyẹn Yọ́ọ̀ngì módúlọ́ọ̀sì. Ìdáhùn tí wọ́n tò síbẹ̀: A 2.0 × 10⁵, B 2.0 × 10⁸, C 2.0 × 10¹¹, D 2.0 × 10¹⁴, wọ́n kọ N/m² sórí wọn. Ọmọ mi mú B, ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú A. Ọ̀nà wo lẹ máa ń gbà yí yúníìtì padà tí kì í fi í dàrú mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́? Ṣé kó yí gbogbo rẹ̀ sí mítà kó tó bẹ̀rẹ̀ ni, àbí kó ṣírò tán kó tó yí i?

Ayàwòrán Ìbàdàn
Màmá, ẹ ní kó tẹ́ ìwé náà pẹrẹsẹ, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó má tan fíláàṣì, kó sì mú fóònù dúró gbọọrọ lókè rẹ̀. Tí òjìji ọwọ́ bá ti bọ́ sórí ìwé, àmì kéékèèké tó wà lókè nọ́ńbà ló kọ́kọ́ máa ń pòórá. 10⁻³ lè di 10³ báyìí.

Ṣeun SS3
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Wọ́n kọ́ wa pé kéèyàn yí gbogbo ẹ̀ sí mítà kó tó ṣe ohunkóhun. cm, ẹ pín in sí 100. mm, ẹ pín in sí 1000. Ojú waya tí a bá gé e jẹ́ 0.503 mm², tí a bá pín in sí 1000, ó di 0.000503 m². Agbára jẹ́ 60 N, gígùn 2.5 m, èyí tó fi gùn sí i 0.0015 m. Mo tẹ̀ ẹ́ sí kalikulétọ̀, B ló gbé jáde. Ọmọ yín gbà á.

Olùkọ́ Físíìsì
Ṣeun, ọ̀nà tí o gbà dára títí dé orí ojú waya yẹn, ibẹ̀ ló ti já. Wo táìlì ńlá kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà kan. Tí o bá fẹ́ fi ègé kéékèèké tí ẹ̀gbẹ́ wọn jẹ́ mìlímítà kan kún un, 1000 ni yóò tò lórí ìlà kan, ìlà bẹ́ẹ̀ yóò sì jẹ́ 1000. Mílíọ̀nù kan ègé ló máa gbà. Nítorí náà, 0.503 mm² kì í ṣe ohun tí a ń pín sí 1000, ẹ̀ẹ̀mejì la ó pín in sí 1000.

Ìmọ̀ràn mi fún yín, Màmá: kó má kọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀ láìkọ yúníìtì tì í. Tó bá fẹ́ yí i padà, kó kọ ìyípadà náà bí ìdá tí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ bára dọ́gba, kó wá fi ìlà fa èyí tó bá fara hàn lókè àti nísàlẹ̀ pa. Tí mm bá ní 2 lórí, ìdá ẹyọ kan kò lè pa á tán. Yóò rí i pé mm kan ṣì kù síbẹ̀, yóò sì mọ̀ pé iṣẹ́ kò tíì parí.

```
A = π × (0.80 mm)² ÷ 4 = 0.503 mm²
0.503 mm² × (1 m ÷ 1000 mm) × (1 m ÷ 1000 mm)
  = 5.03 × 10⁻⁷ m²
F = 6.0 kg × 10 m/s² = 60 N
E = (60 N × 2.5 m) ÷ (5.03 × 10⁻⁷ m² × 1.5 × 10⁻³ m)
  = 1.99 × 10¹¹ N/m²
```

C ni. Ohun mìíràn tí ọ̀nà yìí máa ń tú fó ni 6.0 kg. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń gbé 6.0 sí ipò F láìfi g lọ́pọ̀. Tí wọ́n bá kọ yúníìtì tì í, kg/m² ni yóò kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n fà pa, bẹ́ẹ̀ N/m² ni wọ́n ń wá. Ẹni tó rí ìyẹn á padà sẹ́yìn lọ wá g.

Injinia Sáìtì
Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí kíkọ yúníìtì, ṣùgbọ́n mi ò rí ìdí tí a fi ní láti sáré lọ sí mítà. Lọ́dọ̀ wa, mm àti N la fi ń ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo pín 60 N sí 0.503 mm², ó fún mi ní nǹkan bíi 119 N/mm². Waya tó gùn ní 2500 mm fi 1.5 mm gùn sí i, ìyẹn 0.0006, kò sì ní yúníìtì kankan nítorí mm ti pa mm. Mo pín 119 sí 0.0006, ó di nǹkan bíi 199,000 N/mm². Kò sí 10⁻⁷ kankan tí ọmọ máa ṣì kọ.

Tí wọ́n bá wá ní N/m² ni àwọn ń fẹ́, màá fi mílíọ̀nù kan lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó parí. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ọ̀rẹ́ ọmọ yín kò ṣìṣe púpọ̀, Màmá. Tẹ́ ẹ bá wò ó, 2.0 × 10⁵ ni iye tèmi náà kó tó di pé mo yí i. Ó jọ pé inú mm ló wà, tó wá gbàgbé pé ohun tí wọ́n kọ sórí ìdáhùn kì í ṣe mm².

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù
Ohun tí Olùkọ́ sọ yìí la fi ń ṣírò omi dírípù. Tí dókítà bá ní kí 1000 mL wọlé láàárín wákàtí 8, tí okùn tó wà lọ́wọ́ wa sì máa ń kán ẹ̀kán 20 nínú mL kan, mo máa ń kọ ọ́ báyìí: 1000 mL, mo fi ẹ̀kán 20 lórí mL lọ́pọ̀ rẹ̀, mo pín in sí 480 ìṣẹ́jú. mL pa mL, ẹ̀kán lórí ìṣẹ́jú ló kù, nǹkan bíi 42. Tí mo bá fi wákàtí 8 sílẹ̀ láìyí i, ẹ̀kán lórí wákàtí ni yóò kù, 2500, bẹ́ẹ̀ sì ni aago ọwọ́ mi ìṣẹ́jú ló ń kà. Mi ò mọ̀ bóyá ó bá ti waya mu o, àmọ́ ó jọra lójú mi.

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́
Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì ti kọ 1.5 mm bí ẹni pé ó dájú. Ohun tí mo rí nínú fọ́tò ni 1.5 m. Ṣé yúníìtì lè sọ fún mi èyí tó jẹ́ òótọ́?

Olùkọ́ Físíìsì
Ìbéèrè gidi nìyẹn, Màmá. Yúníìtì nìkan kò lè sọ ọ́. Mítà àti mìlímítà, gígùn ni àwọn méjèèjì, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fi síbẹ̀, N/m² ni yóò jáde, gbogbo rẹ̀ á sì bára mu lórí ìwé. Ẹ ṣe é wò pẹ̀lú 1.5 m, ojú waya tó tọ́ sì ni kẹ́ ẹ lò: 2.0 × 10⁸ ni yóò jáde, B gan-an. Ẹ ò ri pé àṣìṣe Ṣeun àti kíka m kan dípò méjì gbé èèyàn dé ibì kan náà, torí pé 1000 ni ìkọ̀ọ̀kan wọn fi jìnnà sí òótọ́. Nítorí náà, kí ìdáhùn ẹni wà lára àwọn tí wọ́n tò kò túmọ̀ sí pé a gbà á.

Ibi tí a ó ti mọ̀ ni ara ohun tí ìbéèrè ń sọ. Waya 2.5 m kan tó bá fi 1.5 m gùn sí i ti di 4 m. Rọ́bà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Sítíìlì kò lè ṣe é, yóò ti já kó tó débẹ̀ rárá. E ti sítíìlì fúnra rẹ̀ máa ń wà ní àyíká 2 × 10¹¹ N/m², kí ọmọ mọ ìyẹn sórí, torí òun ló máa fi dán ìdáhùn rẹ̀ wò. Tẹ́ ẹ bá tún wo 119 N/mm² tí Injinia rí, sítíìlì lásán tí a fi ń ṣe ọ̀pá máa ń gbà tó nǹkan bíi 250 kó tó fà láìpadà, nítorí náà ẹrù yẹn kò tíì ba waya jẹ́. Mo gbà pé mm ló wà níbẹ̀.

Ṣeun SS3
Ẹ ṣé sà, mo ti rí ibi tí mo ti já. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé 0.80 sínú πr² láìpín in sí 2 ńkọ́? Mo dán an wò, 5.0 × 10¹⁰ N/m² ni mo rí. Yúníìtì rẹ̀ pé.

Olùkọ́ Físíìsì
Ó pé lóòótọ́, kò sì ní sọ nǹkan kan fún ọ. 4 tó sọnù yẹn kò ní yúníìtì, bẹ́ẹ̀ náà ni π, nítorí náà fífa yúníìtì pa kò lè rí wọn. Lónìí o bọ́, torí 5.0 × 10¹⁰ kò sí lára ìdáhùn. Tó bá jẹ́ ìbéèrè tí wọ́n ní kó o kọ ìdáhùn rẹ̀ fúnra rẹ, iye tí o mọ̀ fún sítíìlì nìkan ló lè ta ọ́ lólobó. Tí wọn kò bá dárúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe waya náà, o lè má mọ̀ rárá. Fa ìlà sábẹ́ “dáyámítà” nínú ìbéèrè kó o tó mú kalikulétọ̀.

Injinia Sáìtì
Lórí ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n yí i kó tó di pé wọ́n ṣírò tàbí lẹ́yìn rẹ̀, Olùkọ́, mi ò tíì gbà fún yín o. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo yí yúníìtì, gígùn láti cm sí mm àti ìdáhùn níkẹyìn; ẹ̀yin yí i nígbà mẹ́ta: gígùn, ojú waya, èyí tó fi gùn sí i. Ibi tí àṣìṣe lè gbà wọlé pọ̀ ju tèmi lọ.

Olùkọ́ Físíìsì
Ó rí bẹ́ẹ̀ fún ìbéèrè yìí, torí lẹ́yìn tí ẹ ti fi g sọ kg di 60 N, N àti mm nìkan ló kù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kg/m³ wọ inú ẹ̀, kí g sì wà láàárín ìṣírò, mm yín á bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú. Ọmọ tó ń lọ sí Jáḿbù kò mọ èyí tó máa bá pàdé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí wọ́n lọ sí mítà, kílò àti ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́
Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti tẹ́ ìwé náà, ó tún fọ́tò yà. 1.5 mm ni, ó hàn kedere báyìí. Àmọ́ ó ya ojú ìwé ìdáhùn tó wà lẹ́yìn mọ́ ọn, A ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo wá sún orí àwọn ìdáhùn mọ́ra nínú fọ́tò tuntun, yíńkì ṣàn díẹ̀ níbi tí mo ti ka N/m². Ó lè jẹ́ m kan, ó lè jẹ́ méjì.

Injinia Sáìtì
Tó bá jẹ́ N/mm² ni, A tọ́. Tó bá jẹ́ N/m² ni, àwọn tó tẹ ìwé náà ló ṣe àṣìṣe. Ṣé ó lè wá ẹ̀dà mìíràn lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní kíláàsì, kó ya orí ìdáhùn yẹn nìkan?