Ilá mi ń ṣá lójú iná, kò sì fà tó: kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Ìyàwó Tankẹ: Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ìyá wa. Àwọn àna mi wá láti Ọ̀fà lánàá, mo se ilá fún wọn. Mo rín in, mo dà á sínú omi ẹran tó ń hó, mo bu ata àti tòmátì lílọ̀ lé e, mo dé e, mo wá lọ ro àmàlà. Nígbà tí mo ṣí i, ó ti dà bí ewé gbígbẹ, kò sì fà. Ìyá ọkọ mi wò ó, wọn ò sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ọ̀fà: Káún ni ẹ ò fi sí i! Ẹ ju òkúta ńlá kan sí i, á fà dé ilé kejì.

Bàbá Ìbejì: Orúnla lèmi fẹ́ràn. Kò sí bó ṣe lè tutù yọ̀yọ̀, ẹ má da ara yín láàmú.

Ìyàwó Tankẹ: Ilá tútù ni o, bàbá.

Ìyá Olóúnjẹ Ìpàta: Ọmọ mi, tòmátì yẹn ló kọ́kọ́ bà á jẹ́. Kíkan rẹ̀ ń pa àwọ̀ ilá, ó sì ń dín fífà rẹ̀ kù. Ẹ se ọbẹ̀ ata lọ́tọ̀. Ìdérí lẹ́ẹ̀kejì: ilá náà ní kíkan tirẹ̀ tó ń bá ooru jáde. Tẹ́ ẹ bá dé ìkòkò, á padà sínú ọbẹ̀.

Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí. Ilá bí ogún, èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ ń dá pọ́kán. Mo máa rín ìdajì, mo máa gé ìyókù wẹ́wẹ́. Omi ẹran ife kan ààbọ̀ péré, torí omi púpọ̀ ló ń jẹ́ kó ṣàn. Káún tó tó èékánná ìka kékeré, mo máa rẹ ẹ́ sínú omi, kí yanrìn rẹ̀ lè lọ sísàlẹ̀, omi òkè ni mo máa lò. Tó bá hó, ilá á wọlé, màá fi ìjábẹ̀ lù ú láìdé e. Iṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún, iyọ̀ àti irú, ó tán. Mo máa gbé e kúrò lórí iná kíá, mo máa dà á sínú abọ́ fẹ̀ǹfẹ̀, torí ìkòkò gbígbóná ṣì ń sè é lọ.

Òkúta ńlá tí ẹ̀yin Ọmọ Ọ̀fà wí yẹn? Á tutù yọ̀yọ̀ lóòótọ́, àmọ́ á korò, á sì rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Ìyàwó Tankẹ: Ẹ ṣé, màmá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọkọ mi lẹ́nu, dókítà ní ká sá fún iyọ̀. Káún ń kọ́?

Ìyá Olóúnjẹ Ìpàta: Iyọ̀ náà wà nínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ rín ilá kúnná sí i, kẹ́ ẹ lù ú dáadáa, kò sì gbọdọ̀ ju iṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Àǹtí Òmù-Àrán: Èmi ò fi káún sí i rí, tèmi sì ń fà. Omi tútù ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Olóúnjẹ Ìpàta: Omi tútù kẹ̀? Á pẹ́ lórí iná jù. Ṣé kì í ṣá?

Àǹtí Òmù-Àrán: Ó ń ṣá díẹ̀, màmá, àmọ́ a máa ń jẹ ẹ́ kíá.

Ìyàwó Tankẹ: Mo dán ti màmá wò láìsí káún. Ó tutù yọ̀yọ̀! Kò fà tó ti ilé yín, àmọ́ ọkọ mi lá abọ́. Ilá àárọ̀ tó kù ti ṣá nígbà tí mo tún un gbé kaná.