Kọ́míṣọ̀n tuntun: báwo la ṣe máa kọ ọ́ fún àwọn ejẹ́ǹtì?

Ìyá Ìbejì, Kúbúwà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá wa ní kí n kọ ìkéde kúkúrú fún àwọn tó ń bá wa ta ọṣẹ, mo wá kọ ọ́ báyìí: "Èrè tuntun fún àwọn alágbàtà: 5% títí dé 500,000 náírà, 8% tó bá kọjá bẹ́ẹ̀. Tágẹ́ẹ̀tì oṣooṣù, 800,000." Ṣé ó yé yín?

Bàbá Kàdúná: Ẹ yọ "èrè" kúrò o, èrè lohun tó kù lọ́wọ́ ọlọ́jà lẹ́yìn tó bá ti yọ owó tó fi ra ọjà, àwọn yìí ò sì fowó ara wọn ra nǹkan kan. Ẹ kọ láádá. Hausa gan-an, la'ada ni wọ́n ń pe owó tí wọ́n ń fún dìláálì lọ́jà. Alágbàtà náà ò bá a mu, alágbàtà á ra ọjà yín, á fi tiẹ̀ lé e kó tó tà á.

Àǹtí Ńyáńyà: Láádá kẹ̀? Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun la ti ń gba láádá! Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ kọ́míṣọ̀n jàre, gbogbo ejẹ́ǹtì ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Wúsè: Orúkọ kọ́ ló máa dájà sílẹ̀ o, "tó bá kọjá bẹ́ẹ̀" yẹn ni. Ẹ wò ó, ẹni tó ta 800,000 á ka ìkéde yìí, á ní òun ti kọjá 500,000, á wá gba gbogbo ẹ̀ ní 8%, ìyẹn 64,000. Bí ọ́fíìsì bá wá ní orí 300,000 tó lé nìkan ni 8% wà, 25,000 àti 24,000 ni wọ́n máa san, 49,000 péré. 15,000 ló yàtọ̀ yẹn, wọn á ní ẹ rẹ́ àwọn jẹ. Ẹ kọ ọ́ pé "5% lórí 500,000 àkọ́kọ́, 8% lórí iye tó bá lé lórí ẹ̀ nìkan", kí ẹ fi ìṣirò ẹni tó ta 800,000 yẹn sísàlẹ̀, kò ju ìlà kan lọ.

Ìyá Ìbejì, Kúbúwà: Háà, orí tó lé nìkan ni ọ̀gá ní lọ́kàn lóòótọ́. Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n.

Bọ̀dá Gwàríńpà: Èmi ò tíì gba tèmi látìgbà ọdún iléyá, oníbàárà ló gba ọjà ní àwìn, ọ́fíìsì wá ní owó ò tíì wọlé.

Ẹ̀gbọ́n Wúsè: Ìyẹn náà gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀, Ìyá Ìbejì. Ṣé ọjà tí wọ́n tà lẹ ń kà ni, àbí owó tó ti wọlé? Tí oníbàárà bá dá ọjà padà ńkọ́? Àtipé ọjà tí wọ́n tà kó tó di ọjọ́ tí tuntun bẹ̀rẹ̀, èwo lẹ máa fi san án?

Ìyá Ìbejì, Kúbúwà: Owó tó wọlé ni wọ́n ń kà, ìyẹn dá mi lójú. Àwọn méjì yòókù, màá bi ọ̀gá kí n tó fi ránṣẹ́.

Bàbá Kàdúná: Láádá lèmi ṣì dúró lé o.