Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ fídíò mi: àwọn tó gbọ́ ọ kò mọ ohun tí mo ní kí ìjọba ṣe

Tíṣà Kíláàsì Kẹrin:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé ìwé ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Mo fẹ́ ṣe fídíò kan, èmi nìkan níwájú fóònù, kí n sọ èrò ọkàn mi lórí èdè tí a fi ń kọ́ ọmọ. Ní oṣù Kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí dé kíláàsì kẹfà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun.

Mo kọ ohun tí n ó sọ sílẹ̀, mo kà á sókè, ó gba ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Mo wá kà á fún àwọn olùkọ́ mẹ́ta tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wọn ló ní ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n léèrè pé kí gan-an ni mo ní kí ìjọba ṣe, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohun tí kálukú wọn sọ. Èyí ló já mi láyà.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀: “Ẹ káàbọ̀. Èdè ni ìdánimọ̀ ẹ̀dá. Èdè Yorùbá ṣe pàtàkì púpọ̀, kò yẹ kí a jẹ́ kó parun.” Láàárín, mo sọ̀rọ̀ nípa ìwádìí Ifẹ̀ ti ọdún 1970, tí wọ́n fi dán fífi Yorùbá kọ́ ọmọ wò. Mo tún dá àwọn alátakò lóhùn: “Àwọn kan ń sọ pé Yorùbá kò ṣeé fi kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ìrònú ẹrú nìyẹn.” Ìparí rẹ̀: “Ẹ jẹ́ kí a gbé èdè wa lárugẹ. Ẹ má gbàgbé láti tẹ agogo ìsàlẹ̀ yẹn.”

Níbo ni mo ti ṣì í?

Àbúrò Oníkámẹ́rà:
Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ohùn ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ kó aṣọ sí gbogbo ara yàrá kí ohùn má baà máa dún padà, kí ẹ kọjú sí fèrèsé, kí ojú fóònù sì wà ní ìdọ́gba ojú yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sá nítorí ohùn burúkú.

Tíṣà Kíláàsì Kẹrin:
O ṣeun, àbúrò mi, n ó ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojúkojú ni mo kà á fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ohùn mi já gaara. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni kò wọlé.

Ọmọ Rédíò:
Tíṣà, ẹ kú làálàá. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ àsọyé fún rédíò, mo sì ti ṣe irú àṣìṣe yìí ju bí mo ṣe lè kà lọ.

Ẹ wo gbólóhùn tí gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́: “Èdè Yorùbá ṣe pàtàkì.” Ta ni yóò bá yín jiyàn lórí ìyẹn? Kò sí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè bá wa jiyàn lé lórí, oríkì ni, kò tíì di èrò. Ẹ wá gbólóhùn tí olùkọ́ gidi kan, tó fẹ́ràn ọmọ bíi tiyín, lè gbọ́ kó sì ní òun kò gbà. Kí gbólóhùn náà sọ ẹni tí yóò ṣe nǹkan, ohun tí yóò ṣe, àti ibi tó máa dé. Bí àpẹẹrẹ: “Kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá máa fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwé ìjọba, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, kí a sì máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ lójoojúmọ́.” Tí ẹ bá sọ eléyìí kí ìṣẹ́jú kìíní tó pé, èèyàn mẹ́ta kò ní mú ohun mẹ́ta lọ sílé. Lẹ́yìn náà, ẹ mú bírò pupa. Ìdánimọ̀, àṣà, ìparun èdè, gbogbo ohun tí kò bá ti gbólóhùn yẹn lẹ́yìn, ẹ fà á jáde. Ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án yín ti máa di mẹ́rin.

Èkejì ló tilẹ̀ ká mi lára jù. Alátakò tí ẹ ń bá jà, ère amọ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ́n, ẹ̀yin náà lẹ wó o. Àtakò tó le wà nínú ìwádìí Ifẹ̀ tí ẹ fi ṣe ẹ̀rí. Ẹ rántí bó ṣe rí: ní ilé ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ ọ̀wọ́ ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ wọn. Ọ̀wọ́ kejì lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n wá yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbẹ̀yìn, àwọn tó lo Yorùbá fún ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa jù nínú àwọn iṣẹ́ yòókù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ibí ni ẹ dúró sí. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ìwé tuntun ní Yorùbá fún àwọn ọmọ yẹn, ẹni tó mọ iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dunjú ló sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Olùgbọ́ tó bá mọ èyí yóò béèrè pé: ṣé Yorùbá ló ṣiṣẹ́, àbí ìwé àti olùkọ́?

Ẹ sọ àtakò yìí lẹ́nu ara yín, kí ẹni tó ni ín gbọ́ ọ kó ní “Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe wí.” Ẹ gba ohun tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀: Yorùbá tí kò ní ìwé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kí ẹ tó wá dáhùn pé ohun tí àwọn òbí ń bẹ̀rù jù, pé Gẹ̀ẹ́sì ọmọ yóò bàjẹ́, kò ṣẹlẹ̀. Ẹ óò rí i pé gbólóhùn yín náà yóò yí díẹ̀: ẹ óò fi kún un pé kí ìwé Yorùbá ti wà lọ́wọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Tí àtakò kò bá yí nǹkan kan padà nínú ọ̀rọ̀ wa, a kò tíì tẹ́tí sí i.

Bàbá Lọ́yà:
Èmi ò gbà kí ẹ fún alátakò láyè rárá! Mínísítà ní ibi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ni wọ́n ti ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní ní 2022 ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kíláàsì kẹrin ní 2025, kíláàsì yín gan-an, Tíṣà! Ọdún méjìlá ni láti kíláàsì kìíní dé WAEC. Báwo ni ìlànà 2022 ṣe lè fa ìfìdírẹmi WAEC? Ẹ fi èyí lù ú mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi òwe parí rẹ̀. Yorùbá tí kò fi òwe parí ọ̀rọ̀, Yorùbá wo nìyẹn?

Ọmọ Rédíò:
Bàbá, ìṣirò yín pé, ó sì yẹ kó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti 1977 ti ní kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mínísítà lè ní àwọn ibi tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́ lòun ń sọ. Tí Tíṣà bá pè é ní irọ́, ẹnì kan yóò kọ èsì yìí sábẹ́ fídíò, gbogbo ohun tó kù yóò bá a lọ. Kó sọ pé ìlànà 2022 kò tíì pẹ́ tó kí a fi WAEC díwọ̀n rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ìṣirò yẹn lè gbé.

Ní ti òwe, ó dára láàárín ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ òun ló kẹ́yìn, olùgbọ́ ti parí rẹ̀ lọ́kàn kí ẹ tó la ẹnu, ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá wa ló sì máa rántí, kì í ṣe tiyín.

Ìyá Pékámù:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àwa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ mi ò lè bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Màmá á béèrè ọ̀rọ̀, ọmọ á kàn máa wò mí lójú. Ó ń dùn mí. Ẹ fi tiwa sí fídíò náà.

Tíṣà Kíláàsì Kẹrin:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Fídíò tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni ọ̀rọ̀ yín yẹ fún. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé, tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ilé ìwé, ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n ojú tí ẹ ní ọmọ yín ń wò yín yẹn rán mi létí ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi.

Ìyá rẹ̀ ń ta ọsàn. Mo kọ ìṣirò sí pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó pín ọsàn mẹ́rìnlélógún fún èèyàn mẹ́fà. Ó dìde, ó ń wò mí, kò sọ nǹkan kan. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n jáde lọ ṣeré, mo pè é, mo béèrè ohun kan náà ní Yorùbá. Kí n tó pa ẹnu dé, ó ní, “Mẹ́rin-mẹ́rin ni, Mà.” Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Rédíò:
Tíṣà! Kí ló dé tí èyí kò sí nínú ohun tí ẹ kọ? Òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni. Ẹ dúró síbi tí ọmọ náà ti ń wò yín, ẹ má tíì sọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí “Mẹ́rin-mẹ́rin ni, Mà” dúró di ìparí.

Tíṣà Kíláàsì Kẹrin:
Mo ti tún un kọ, mo sì lo gbólóhùn tí ẹ fún mi. Ìparí rẹ̀ rèé: “Ó ní, ‘Mẹ́rin-mẹ́rin ni, Mà.’ Ọmọ náà mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n nítorí pé èdè tí kò yé e ni a fi béèrè, kò lè dá wa lóhùn, èyí sì fi hàn pé ó yẹ kí ìjọba tún inú rò.”

Ọmọ Rédíò:
Ẹ ti dé ibẹ̀, ẹ wá kọjá. Ẹ gé e: “Ọmọ náà mọ ìdáhùn. Ìbéèrè ni kò gbọ́.” “Gbọ́” yẹn ń ṣiṣẹ́ méjì, etí rẹ̀ gbọ́ ariwo, kò gbọ́ èdè. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pa ẹnu mọ́, ẹ wo ojú kámẹ́rà tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí ẹ tó pa á. Ọ̀rọ̀ agogo, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fídíò. Tó bá tẹ̀lé gbólóhùn yẹn, ó ti pa á.

Ọ̀dọ́ Oníròyìn:
Ẹ̀gbọ́n Rédíò, mo fẹ́ ta kò yín níbì kan. Lójú tèmi, kí àtakò tẹ̀lé gbólóhùn pàtàkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí kò gbà kò ní dúró di ìṣẹ́jú kẹta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ Rédíò:
Lóòótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ fídíò. Ṣùgbọ́n àtakò yìí dá lé ìwádìí Ifẹ̀, ẹni tí kò tíì gbọ́ ìwádìí náà kò lè lóye rẹ̀. Bóyá kí ó fi gbólóhùn kan ṣèlérí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. N kò lè búra lé e.

Tíṣà Kíláàsì Kẹrin:
N ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀nà méjèèjì, kí n kà wọ́n fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ Ajé. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lé díẹ̀ ni ó gbà báyìí.

Olùkọ́ Ajégúnlẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ìbéèrè kan. Gbólóhùn yín ní “nílẹ̀ Yorùbá”, Èkó sì wà níbẹ̀. Nínú kíláàsì tèmi, mo ní ọmọ ẹ̀yà Ìjọ, Ígbò àti Haúsá. Ọmọ Ìjọ tó bá jókòó sí kíláàsì yín kò ní gbọ́ ìbéèrè náà ní Yorùbá pẹ̀lú. Kí ni kí n ṣe fún un?

Tíṣà Kíláàsì Kẹrin:
Olùkọ́, ìbéèrè yín mú mi dákẹ́. Mo lè yọ Èkó kúrò kí n dárúkọ Ọ̀ṣun nìkan, ibi tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjọ yẹn ṣì wà níbẹ̀. N kò tíì ní èsì. Ẹni tó bá ní in, ẹ jọ̀ọ́, kó kọ ọ́ síbí kí ọjọ́ Ajé tó dé.